Ìlà ROC, ààlà àti tábìlì ìdàrú: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lórí mọ́dẹ́lì ẹ̀yáwó wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Èmi ni mò ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe ìṣirò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwọn oníṣòwò gàrí wà nínú rẹ̀, àwọn télọ̀, àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀, àti olùkọ́ díẹ̀. Mo kọ́ mọ́dẹ́lì lọ́jísítíìkì kan fún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, èyí tó ń sọ bó ti ṣeé ṣe tó pé kí ẹni tó fẹ́ yáwó má san án padà. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn ní ìpàdé, lórí fóònù, àti lójú ọ̀nà Sábó nígbà tí mo bá ń lọ ra nǹkan. Mo wá kó wọn jọ. Ẹ má fi àwọn iye inú rẹ̀ ṣe ìwé owó ẹgbẹ́ o. Mo ti gé wọn sí iye tó rọrùn, kí ẹni tó bá mú bírò lè bá mi ṣírò rẹ̀.

Kí ni mọ́dẹ́lì náà ń ṣe gan-an? Ṣé òun ló ń sọ pé ká má yá ẹnì kan lówó?

Rárá o. Iye kan péré ló ń dá padà lórí ẹni kọ̀ọ̀kan, láàárín 0 sí 1. Iye yẹn ni ìṣeéṣe pé ẹni náà kò ní san. A máa sọ fún un iye oṣù tí ẹni náà ti lò nínú ẹgbẹ́, iye owó tó fẹ́ yá, àti iye onídùúró tó mú wá. Ó lè dáhùn pé 0.07, ó sì lè dáhùn pé 0.34. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. "Ẹ yá a" tàbí "ẹ má yá a" kò sí lẹ́nu rẹ̀ rárá.

Àwa la máa ń fa ìlà síbì kan, tí a ó ní ẹni tó bá dé ìlà yìí tàbí tó kọjá rẹ̀, a fura sí i. Ìlà yẹn ni mò ń pè ní ààlà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya máàkì tí mọ́dẹ́lì fúnni sọ́tọ̀ kúrò lára ààlà tí àwa fà. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí mo ti gbọ́ ní ìpàdé wa, ibi tí wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú R, èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi ṣe ìṣirò náà, gbogbo rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```r
m <- glm(gbese ~ osu + iye + oniduro,
         family = binomial, data = kiko)
p <- predict(m, newdata = idanwo, type = "response")
table(otito = idanwo$gbese, ifura = p >= 0.5)
```

`gbese` jẹ́ 1 fún ẹni tí kò san, 0 fún ẹni tó san. Ẹ̀yáwó 1,000 tó ti kọjá ni mo kó jọ. Mo fi 700 kọ́ mọ́dẹ́lì, ìyẹn `kiko`. Mo tọ́jú 300 tó kù síbi tí mọ́dẹ́lì kò ti fojú kàn wọ́n, ìyẹn `idanwo`. Àwọn 300 yìí nìkan la fi ń dá mọ́dẹ́lì lẹ́jọ́. Ẹni tó kọ́ ọmọ ní ìbéèrè kan, tó tún fi ìbéèrè yẹn gan-an dán an wò, kò tíì mọ bóyá ọmọ náà gbọ́n.

Akápò ní ìpéye mọ́dẹ́lì náà jẹ́ 91 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí la tún ń wá?

Bàbá Akápò kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú iye yẹn wò. Nínú ẹni 300, ọgbọ̀n péré ni kò san, 270 san. Nígbà tí mo fa ààlà sí 0.5, ohun tó jáde rèé:

| | A fura sí i | A kò fura sí i |
|---|---|---|
| Kò san | 6 | 24 |
| Ó san | 2 | 268 |

Èyí ni tábìlì ìdàrú. Orúkọ rẹ̀ bá a mu, torí ó ń fi ibi tí mọ́dẹ́lì ti ń dàrú hàn wá: ajigbèsè tó pè ní asanwó, àti asanwó tó pè ní ajigbèsè. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa kà, láti òsì sí ọ̀tún. Àwọn ajigbèsè wà lórí ìlà kìíní, ọgbọ̀n ni gbogbo wọn, mẹ́fà péré la mú. Àwọn asanwó wà lórí ìlà kejì, 270 ni wọ́n, méjì la fi ẹ̀sùn kàn láìṣẹ̀.

Ìpéye jẹ́ 6 pẹ̀lú 268, ìyẹn 274 nínú 300, tó fi jẹ́ 91.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ká ní mo ju mọ́dẹ́lì náà sínú kòtò, tí mo kàn ń sọ pé "gbogbo ayé ló máa san" fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, 270 nínú 300 ni mo máa gbà, ìyẹn ìpéye 90. Òmùgọ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gba 90, mọ́dẹ́lì tí mo fi oṣù mẹ́ta kọ́ gba 91. Ìyàtọ̀ ẹni mẹ́rin péré!

Ohun tó ń fa èyí ni pé àwọn asanwó pọ̀ ju àwọn ajigbèsè lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìpéye ń ka gbogbo wọn pọ̀, àwọn tó pọ̀ sì bo àwọn tó kéré mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó kéré yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ ń tìtorí wọn wá mi. Nítorí náà ìpín méjì ni kí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé mọ́dẹ́lì wá fún yín. Èkíní, nínú àwọn tí kò san, mélòó la mú? Mo ń pè é ní ìpín ìmú. Tiwa níbí jẹ́ 6 nínú 30, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì, nínú àwọn tó san, mélòó la ṣì mú? Ìyẹn ni ìpín àṣìmú. Tiwa jẹ́ 2 nínú 270, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ta ló tiẹ̀ ní kí ààlà wà ní 0.5?

Kò sẹ́ni tó ní kó wà níbẹ̀. Ó jọ pé ó wà láàárín gbùngbùn, ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà sì ń fi í síbẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni. Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí ná: a ò ní fura sí ẹnì kan àfi tó bá jẹ́ pé àìsan rẹ̀ ti ṣeé ṣe tó sísan rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tí ẹnì kan nínú mẹ́wàá kì í san, ẹni tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 0.35 ti fi ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ burú ju ọmọ ẹgbẹ́ lásán lọ, síbẹ̀ 0.5 á jẹ́ kó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká sún ààlà wá sílẹ̀. Mọ́dẹ́lì kan náà ni o, máàkì kan náà, èèyàn kan náà:

| Ààlà | Ajigbèsè tí a mú (nínú 30) | Asanwó tí a ṣì mú (nínú 270) | Ìpéye |
|---|---|---|---|
| 0.5 | 6 | 2 | 91.3 |
| 0.2 | 18 | 27 | 87 |
| 0.1 | 24 | 54 | 80 |
| 0.05 | 27 | 108 | 63 |

Bí ààlà ṣe ń lọ sílẹ̀, à ń mú ajigbèsè púpọ̀ sí i, a sì ń ṣẹ asanwó púpọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti fi ajọ̀ jọ elùbọ́ rí mọ̀ pé bí ojú ajọ̀ bá ti há jù, kóró á dúró lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n elùbọ́ tó dára náà á bá a dúró. Ìpéye sì ń lọ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí à ń ṣe ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́. Ìgbà tí mo gbé tábìlì yìí kalẹ̀ ni Bàbá Akápò dákẹ́, tó wá ní, "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí n gba mọ́dẹ́lì tí ìpéye rẹ̀ kéré?" Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.

Kí wá ni ìlà ROC? Ṣé mo lè fi ọwọ́ yà á?

Ẹ lè fi ọwọ́ yà á, mo sì rọ̀ yín kí ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan, torí ẹni tó bá ti yà á kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ẹ mú pépà gíráàfù. Ẹni méje ló tó wa. Ẹ to máàkì wọn láti orí èyí tó ga jù wálẹ̀:

0.62, kò san. 0.44, ó san. 0.31, kò san. 0.18, ó san. 0.12, ó san. 0.09, kò san. 0.05, ó san.

Ajigbèsè mẹ́ta, asanwó mẹ́rin. Ẹ ya àpótí kan tí igun mẹ́rin rẹ̀ dọ́gba. Ẹ pín ìdúró rẹ̀ sí mẹ́ta, ẹ pín ìbú rẹ̀ sí mẹ́rin. Ẹ gbé bírò sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, kí ẹ wá máa ka àwọn máàkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè. Bí ẹ bá kan ajigbèsè, ẹ gun òkè ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ẹ bá kan asanwó, ẹ lọ sọ́tùn-ún ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà: òkè, ọ̀tún, òkè, ọ̀tún, ọ̀tún, òkè, ọ̀tún. Ẹ ti dé igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Àtẹ̀gùn tí ẹ yà yẹn ni ìlà ROC.

Ibi tí ẹsẹ̀ yín bá ti dúró lórí àtẹ̀gùn náà, ààlà kan ló wà níbẹ̀, tábìlì ìdàrú kan ló sì bá a rìn. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kẹta, ẹ ti gòkè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti lọ sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé ààlà wà ní 0.31, a mú ajigbèsè méjì nínú mẹ́ta, a sì ṣi asanwó kan mú nínú mẹ́rin. Tábìlì ìdàrú jẹ́ ojú kan ṣoṣo lórí ìlà. Ìlà náà ni gbogbo tábìlì tó ṣeé ṣe, tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Fún ẹni 300 wa, ojú tí a mọ̀ lórí rẹ̀ ni ti ààlà mẹ́rin tí mo kọ sókè: ìpín ìmú 20, 60, 80 àti 90 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ìpín àṣìmú tí kò tó 1, lẹ́yìn náà 10, 20 àti 40.

Orúkọ náà, receiver operating characteristic lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò ní í ṣe pẹ̀lú owó rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ rédà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló ti ṣẹ̀: àmì tó hàn lójú ẹ̀rọ yìí, ṣé ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá ni, àbí ariwo lásán? Àyà wọn ń já láti fọwọ́ kan agogo lásán, ó sì ń já láti má fọwọ́ kàn án. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó náà mọ irú àyà jíjá yẹn.

Wọ́n ní AUC wa jẹ́ 0.85. Kí ló jẹ́ 0.85?

Ààyè tó wà lábẹ́ ìlà ROC ni, bí a bá ka gbogbo àpótí náà sí 1. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ tó yé mi jù ni ti ìdíje méjì-méjì. Ẹ fa ajigbèsè kan àti asanwó kan jáde láìwojú. Ta ni máàkì rẹ̀ ga jù? Bó bá jẹ́ ti ajigbèsè, mọ́dẹ́lì gba ìdíje náà. AUC ni ìpín ìdíje tí mọ́dẹ́lì gbà nínú gbogbo ìdíje tó ṣeé ṣe.

Ẹ padà sórí ẹni méje wa. Ajigbèsè mẹ́ta ní asanwó mẹ́rin jẹ́ ìdíje méjìlá. 0.62 borí asanwó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. 0.31 borí mẹ́ta, 0.44 nìkan ló borí rẹ̀. 0.09 borí ẹyọ kan, ìyẹn 0.05. Àpapọ̀ jẹ́ mẹ́jọ nínú méjìlá, 0.67. Bí ẹ bá ka àwọn àpótí kéékèèké tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tí ẹ yà, mẹ́jọ nínú méjìlá náà lẹ máa bá. Kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Nǹkan kan náà ni.

Nítorí náà 0.85 túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún ìdíje, mọ́dẹ́lì to 85 bó ṣe yẹ. 0.5 ni ti ẹni tó ń ju owó ẹyọ sókè. Ẹ kíyè sí i pé AUC kò mọ ààlà rárá; ìtò ló ń wò. Ó lè sọ fún yín pé mọ́dẹ́lì yìí mọ ẹni tó yẹ kó wà níwájú àti ẹni tó yẹ kó wà lẹ́yìn. Kò lè sọ ibi tí ẹ máa dá ìlà sí.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń tẹnu mọ́: ajigbèsè ọgbọ̀n péré la fi dá a lẹ́jọ́. Ẹni ọgbọ̀n kéré. Bí a bá ṣírò bí 0.85 yẹn ṣe lè yẹ̀ sí, láti nǹkan bíi 0.76 sí 0.94 ni. Ẹni tó bá wá sọ fún mi pé mọ́dẹ́lì tòun jẹ́ 0.87, tó sì fi ẹni ọgbọ̀n dán an wò, kò tíì borí mi. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe pín àwọn 300 tí a fi pamọ́ náà tún wà níbẹ̀: bí a bá da ẹ̀yáwó 1,000 náà pọ̀ tí a tún wọn pín, iye náà á mì díẹ̀.

Ibo gan-an ni ká wá fa ààlà sí?

Ibi tí owó bá ní ká fà á sí. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ lẹ máa dáhùn nǹkan méjì: bí ajigbèsè kan bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, èló là ń pàdánù? Bí a bá dá asanwó kan padà, èló là ń pàdánù?

Ní tiwa, ẹ̀yáwó tó wọ́pọ̀ jẹ́ ₦200,000. Bí ẹnì kan kò bá san, a máa ń rí díẹ̀ gbà lọ́wọ́ onídùúró àti nínú owó tó fi pamọ́, a sì máa ń pàdánù nǹkan bíi ₦120,000. Bí a bá dá ẹni rere padà, èlé tí ì bá wọlé, ₦15,000, ni kò ní wọlé. Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ṣírò tábìlì tó wà lókè.

Ní ààlà 0.5, ajigbèsè 24 bọ́: ₦2,880,000. Asanwó méjì la dá padà: ₦30,000. Àpapọ̀ ₦2,910,000. Ní 0.2, ajigbèsè 12 bọ́, asanwó 27 padà, ó di ₦1,845,000. Ní 0.1, mẹ́fà bọ́, 54 padà: ₦720,000 àti ₦810,000, àpapọ̀ ₦1,530,000. Ní 0.05, mẹ́ta bọ́, ṣùgbọ́n 108 la dá padà, ó sì gun òkè padà sí ₦1,980,000. Bí a bá yá gbogbo ènìyàn láìwo mọ́dẹ́lì, ₦3,600,000 ni. Bí a bá ti ilẹ̀kùn pa tí a kò yá ẹnikẹ́ni, ₦4,050,000.

0.1 ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀nà kúkurú kan tiẹ̀ wà tó ń fi ibi tí ó yẹ kó wà hàn: ẹ pín owó àṣìmú pẹ̀lú àpapọ̀ owó méjèèjì.

```
15000 / (15000 + 120000) = 0.111
```

Bí ó bá yé yín pé ẹni tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 0.111 ni yíyá a àti àìyá a ti mú owó kan náà lọ, ọ̀rọ̀ náà ti yé yín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kúkurú yìí kò ṣiṣẹ́ àfi bí máàkì bá jẹ́ ìṣeéṣe tòótọ́, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí a fún ní 0.1, bíi mẹ́wàá ni kò san lóòótọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú `idanwo`. Àwọn tí máàkì tiwa wà láàárín 0.2 sí 0.5 jẹ́ 37, 12 ni kò san nínú wọn, bíi 0.32. Ó bọ́ sáàárín ibi tó yẹ kó bọ́ sí.

Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ju bí mo ṣe tú u lọ. Ó ní, "Ẹ má dá wọn padà. Ẹ ní kí wọ́n mú onídùúró kejì wá." Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn yí ìṣirò padà. Asanwó tó bá mú onídùúró kejì wá kò mú ₦15,000 lọ. Àkókò díẹ̀ àti ìbínú díẹ̀ ló ná wa. Bí owó àṣìmú bá lọ sílẹ̀, ààlà náà gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀.

Wọ́n ní ojú tó jìnnà jù lórí ìlà ROC sí ìlà gbọọrọ tó ti igun ìsàlẹ̀ òsì lọ sí igun òkè ọ̀tún ló dára jù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìwọ̀n Youden nìyẹn, èyí tó ti wà láti 1950: ìpín ìmú, ẹ yọ ìpín àṣìmú kúrò, kí ẹ mú ibi tó pọ̀ jù. Níbí, 0.1 ló mú (80 yọ 20 jẹ́ 60), òun náà sì ni owó mú. Àkọsẹ̀bá ni o. Bí máàkì bá jẹ́ ìṣeéṣe tòótọ́, ìwọ̀n yẹn máa ń fa ààlà sítòsí ìpín àwọn ajigbèsè nínú ẹgbẹ́, tiwa sì jẹ́ 0.1. Tiwa kàn súnmọ́ 0.111 ni. Ká ní ajigbèsè kan ń mú ₦30,000 péré lọ, ààlà tí owó fẹ́ máa jẹ́ 0.33, ìwọ̀n Youden á sì dúró sí 0.1 láìmira.

AUC mi jẹ́ 0.98! Ṣé kí n pe ìgbìmọ̀?

Ẹ má pè wọ́n. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mọ́dẹ́lì mi àkọ́kọ́ gba 0.98, mo ra mínírà mu lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wá wo ohun tó ń gbé e, mo rí òpó kan nínú ìwé ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ "iye ìgbà tí a bẹ̀ ẹ́ wò nílé" sí. Mo rò pé ìbẹ̀wò kí wọ́n tó yá a lówó ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbà tí wọ́n lọ sin gbèsè ni! Wọ́n á lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n á ṣe bí òṣómàáló, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Ta ni wọ́n ń lọ bẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí kò san? Mọ́dẹ́lì mi kò sọ ọjọ́ iwájú. Ó ka ìdáhùn lẹ́yìn ìwé.

Mo yọ òpó náà, AUC já wálẹ̀ sí 0.85. Ìbéèrè tí mo ń bi òpó kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà ni: ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹni yìí wá tọrọ owó, ṣé a ti mọ iye yìí? Bí a kò bá tíì mọ̀ ọ́n, kó jáde.

AUC mi kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n tábìlì ìdàrú mi burú lójijì. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé `type = "response"`. Láìsí i, `predict` kì í dá ìṣeéṣe padà; lọ́gì ọ́ọ̀dù ló ń dá padà, iye tó lè wà ní −3 tàbí 2. Ìtò àwọn èèyàn kò yí, torí náà ROC àti AUC kò mọ̀ pé nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n 0.1 lórí lọ́gì ọ́ọ̀dù jẹ́ ìṣeéṣe 0.525, ìyẹn ni pé ẹ rò pé ẹ fa ààlà sí 0.1, ẹ sì ti fà á sókè ju 0.5 lọ. Ẹ tẹ `range(p)`. Bí iye tó kéré ju òdo bá jáde, ẹ ti rí olè náà.

Èyí tó jọ ọ́ ni ti `pROC`, àfikún R tí a fi ń ya ìlà ROC. Bí ẹ kò bá sọ fún un apá ibo ni máàkì gíga ń tọ́ka sí, òun fúnra rẹ̀ á yan apá tó bá rò pé ó bá dátà mu. Mọ́dẹ́lì tó tò wọ́n sódì pátápátá, tí AUC rẹ̀ jẹ́ 0.3, lè wá jáde bíi 0.7 kó sì máa rẹ́rìn-ín sí yín. Ẹ sọ ọ́ fún un:

```r
library(pROC)
r <- roc(idanwo$gbese, p,
         levels = c(0, 1), direction = "<")
auc(r); ci.auc(r)
```

Ẹgbẹ́ kan ní Ọ̀yọ́ fẹ́ yá mọ́dẹ́lì wa lò. Ṣé ROC wa á bá wọn lọ?

Bí àwọn èèyàn wọn bá jọ tiwa, ìlà náà lè bá wọn lọ, torí ìpín ìmú àti ìpín àṣìmú kò wo iye ajigbèsè tó wà. Ohun tí kò ní bá wọn lọ ni òdodo ìfura. Ní tiwa, ní ààlà 0.1, ẹni 78 la fura sí, 24 nínú wọn jẹ̀bi, bíi 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní ọ̀dọ̀ wọn, ẹni 9 péré ni kì í san nínú 300. Ìpín ìmú 80 á mú bíi 7. Ìpín àṣìmú 20 á ṣi 58 mú nínú 291. Ẹni 65 la fura sí, méje péré ló jẹ̀bi. Akọ̀wé wọn á kàn máa bá ẹni rere jà látàárọ̀ dalẹ́. Kí wọ́n fi ìwé tiwọn tún ààlà náà fà.

Lẹ́yìn ọdún kan tí a ti ń lò ó, ṣé a lè fi ìwé tuntun dá a lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i?

Ẹ lè gbìyànjú, ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀. Àwọn tí ẹ dá padà kò yáwó, nítorí náà ẹ kò ní mọ láé bóyá wọ́n ì bá san. Tábìlì ọdún tuntun kò ní ẹnikẹ́ni tó ga ju 0.1 lọ nínú. Gbogbo ìdíje tó rọrùn ti lọ, àwọn tó jọra wọn nìkan ló kù, AUC á sì lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé mọ́dẹ́lì bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ onídùúró kejì tí ìyá yẹn dá gbà wá níbi yìí pẹ̀lú láìròtẹ́lẹ̀: àwọn tí a fura sí ṣì ń yáwó, a ṣì ń kọ òpin wọn sílẹ̀. Òótọ́ ni pé onídùúró kejì ń jẹ́ kí wọ́n san ju bí wọn ì bá ti san lọ, nítorí náà mo ti fi òpó kan kún ìwé náà tó ń sọ ẹni tí a béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń ya ìlà tiwọn sọ́tọ̀.